Wọ́ọ̀dù Kan, Ẹ̀sìn Púpọ̀: Bí A Ti Ń Ṣètò Iṣẹ́ Kí Ìjà Má Bàa Wọ̀ Ọ́

Ilé tí kò ní ẹnì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Bí kì í bá ṣe ọmọ ni nọ́ọ̀sì, ìyàwó ni, tàbí ẹ̀gbọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì ti ibi iṣẹ́ dé tí ojú rẹ̀ kò dára, kì í ṣe nítorí àwọn aláìsàn ní gbogbo ìgbà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àárín òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni: ta ni yóò ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ta ni ó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ kírun, èdè wo ni wọ́n sọ lójú ẹni tí kò gbọ́ ọ, àti ta ni wọ́n pe ní orúkọ tí kò jẹ́.

Ní àárín ìlú, ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà ẹnì kejì lè gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ní wọ́ọ̀dù kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn méjì ni yóò jọ gbé aláìsàn láti orí ibùsùn kan sí èkejì, ẹnì kan ni yóò sì sọ fún èkejì irú oògùn tí a ti fún aláìsàn àti èyí tí ó kù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dá láàárín wọn, ara aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi àyè yìí sọ bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ wọ́ọ̀dù tí onírúurú ènìyàn wà, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí ìjà bá ti bẹ́.

OHUN TÍ A RÍ NÍ KÀDÚNÁ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Alexandra Scacco àti Shana Warren, rí ní ìlú Kàdúná, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Kàdúná ti rí ìjà Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí, pàápàá ní ọdún 2000 nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà dé. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti àdúgbò tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní ìlò kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n fi kèké pín wọn: àwọn kan bọ́ sí kíláàsì tí Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí ti dàpọ̀, àwọn kan sì bọ́ sí kíláàsì tí ó jẹ́ ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, wọ́n wádìí ọkàn wọn. Èrò tí àwọn ọ̀dọ́ náà ní sí ẹ̀sìn kejì kò yí padà, ìbáà ṣe ti àwọn tí ó dàpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún wọn lówó, tí wọ́n sì wo bí wọn yóò ti pín in pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀, àwọn tí ó ti kíláàsì àdàpọ̀ wá kò ṣe ojúsàájú tó àwọn tí ó ti kíláàsì ẹlẹ́sìn kan wá. Ohun tí ó sì yẹ kí a kíyè sí jù ni èyí: kì í ṣe pé àwọn tí ó dàpọ̀ ni ó di ènìyàn rere lójijì. Àwọn tí a kó jọ pẹ̀lú ẹlẹ́sìn tiwọn nìkan ni ojúsàájú wọn pọ̀ sí i, ju ti àwọn tí kò lọ sí kíláàsì kankan rárá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí fún ẹni tí a fi ṣe olórí òṣìṣẹ́. Èkínní, kí ó má ṣe retí pé ọkàn ènìyàn yóò yí nítorí pé òun pe ìpàdé tí òun sì bẹ̀ wọ́n. Ọkàn kì í tètè yí, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè yí, ìṣe lè yí. Ìṣe nìkan ni olórí iṣẹ́ ní àṣẹ lé lórí. Èkejì, bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn olórí ni kí ó pín wọn níyà: kí àwọn Mùsùlùmí máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àsìkò kan, kí àwọn Kírísítẹ́nì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àsìkò mìíràn. Ariwo yóò dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, gbogbo ènìyàn yóò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ni pé ó kó wọn sí kíláàsì ẹlẹ́sìn kan, níbi tí wọn yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ẹnì kejì láìsí ẹni tí yóò tako wọn. Nígbà tí ìjà bá tún bẹ́, ẹgbẹ́ méjì ni yóò máa jà, kì yóò jẹ́ ènìyàn méjì mọ́.

ÀPẸẸRẸ KAN

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a mú wọ́ọ̀dù kan wò. Àpẹẹrẹ lásán ni. A kò bá ilé ìwòsàn kankan wí. A kàn kó ohun tí ó wọ́pọ̀ jọ sí ojú kan ni.

Nọ́ọ̀sì méjìlá ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ Kírísítẹ́nì tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, márùn-ún jẹ́ Mùsùlùmí, ẹnì kan sì jẹ́ obìnrin ọmọ Ìbò tí ó wà nínú ìjọ Ádífẹ́ńtì, tí kò sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Iṣẹ́ òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ, ó sì parí ní agogo méjì ọ̀sán. Iṣẹ́ ọ̀sán láti agogo méjì sí agogo mẹ́jọ alẹ́. Iṣẹ́ òru sì jẹ́ láti ìgbà náà di òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ni iṣẹ́ òwúrọ̀ ń gbà lójúmọ́.

Ó ti di àṣà ní wọ́ọ̀dù náà pé kí a kọ orúkọ àwọn Mùsùlùmí márààrún àti ti obìnrin Ádífẹ́ńtì sí gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí pé wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyè méjìlá ni ó wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ni lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni mẹ́fà ni ó ń pín méjìlá yìí, ẹ̀ẹ̀mejì-méjì fún olúkúlùkù. Àwọn mẹ́fà yòókù kò ní ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni méjì nínú àwọn Mùsùlùmí náà ń lọ sí àsàláátù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó kọ ìwé iṣẹ́ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọjọ́ lásán ni fún wọn.

Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Kírísítẹ́nì a máa kọrin, wọn a sì máa gbàdúrà láàárín wọ́ọ̀dù, èyí a sì máa gùn kọjá agogo mẹ́jọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn Mùsùlùmí, tí ó wà ní iṣẹ́ òwúrọ̀, jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí ní nǹkan bí agogo kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó tọrọ ààyè, wọn kò fún un. Nígbà tí ó lọ, omi tí a fà sí ara aláìsàn kan tán, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí padà sínú okùn rẹ̀. Nígbà tí ó dé, olórí wọ́ọ̀dù náà dojú kọ ọ́ níwájú àwọn aláìsàn, ó wí pé, "Bí ẹ̀yin ẹlẹ́sìn yìí ti máa ń ṣe nìyẹn." Òun náà dáhùn pé, "Nígbà tí ẹ̀yin ń kọrin láàárọ̀, ta ni ń tọ́jú wọn?" Obìnrin ọmọ Ìbò náà dá sí i, ó wí pé òun pẹ̀lú ti rẹ̀ sí i, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi ń fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan sì rí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fún aláìsàn ní oògùn tí a ti fún un tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan sì ké mọ́ ọn pé, "Kòbòkóbò, ta ni ó bá ọ wí?" Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́ọ̀dù ti pín sí mẹ́ta.

OHUN TÍ MÁTÍRÓÒNÙ ṢE NÍ ỌJỌ́ NÁÀ

Mátíróònù kò pe gbogbo wọn jọ. Bí ó bá pè wọ́n, olúkúlùkù ni yóò jà fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò lè gba ẹ̀bi láìdi ọ̀dàlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó rí i pé aláìsàn tí omi rẹ̀ tán kò ní ìpalára, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú agogo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú yàrá rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà.

Ìbéèrè kan náà ni ó bi olúkúlùkù: kí ni ó ṣẹlẹ̀, ní agogo mélòó, kí sì ni o fẹ́ kí ó má ṣẹlẹ̀ mọ́? Kò bi wọ́n pé kí nìdí tí o fi kórìíra àwọn yìí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "báyìí ni gbogbo wọn ti rí," ó dá a dúró pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó ní, "Ta ni, kí sì ni ó ṣe?" Ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ó kà á fún wọn, wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó parí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Ohun márùn-ún ni: ẹnì kan fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ láìsọ, a kò fún un ní ààyè nígbà tí ó tọrọ, a bú òṣìṣẹ́ níwájú aláìsàn, orin kọjá agogo mẹ́jọ, a fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ ní èdè tí ẹni tí ó gbà á kò gbọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a lè fi òfin iṣẹ́ tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti olórí wọ́ọ̀dù jókòó pọ̀. Ó fi ẹ̀bi ti olúkúlùkù hàn án láìfi wọn wé ara wọn: ẹni tí ó fi aláìsàn sílẹ̀ jẹ̀bi, àìfún un ní ààyè kò sì pa ẹ̀bi náà rẹ́, ẹni tí ó bú u níwájú aláìsàn jẹ̀bi, omi tí ó tán kò sì pa ẹ̀bi náà rẹ́. Kò fi ipá mú wọn dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún ara wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀ tí a fi ipá gbà a máa di ìbínú tí a fi pamọ́. Ó ní kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn kan péré nípa ohun tí òun yóò ṣe láti ọjọ́ náà lọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti ẹni tí ó pe obìnrin náà ní kòbòkóbò, ó pè é ní ìdákọ́ńkọ́, ó sì sọ fún un kedere pé bí ó bá tún sọ ọ́, ìwé kúèrì ni yóò gbà.

BÍ A TI TÚN ÌWÉ IṢẸ́ KỌ

Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, yóò tún padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, nítorí pé ìwé iṣẹ́ ni orísun rẹ̀. Mátíróònù fún olúkúlùkù ní ìwé kékeré kan, pé kí ó kọ wákàtí tí ó ṣòro fún un nínú ọ̀sẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀sìn rẹ̀. Wákàtí ni ó béèrè.

Nígbà tí ó kó ìwé jọ, ó rí ohun tí kò mọ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ àsàláátù ti àwọn méjì. Ó rí i pé mẹ́ta yòókù nínú àwọn Mùsùlùmí kò kọ iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá lè rí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ó rí i pé obìnrin Ádífẹ́ńtì kì í ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ títí di ìgbà tí ó bá wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ní ìṣòro pẹ̀lú ọjọ́ Ìsinmi, ó sì lè ṣe òru ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé oòrùn ti wọ̀ kí agogo mẹ́jọ tó lù.

Nítorí náà ó ṣe ìṣirò. Nínú àyè méjìlá ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn Mùsùlùmí mẹ́ta àti obìnrin náà gba méjì-méjì. Ìyẹn jẹ́ mẹ́jọ. Mẹ́rin ni ó kù. Àwọn mẹ́jọ yòókù, Kírísítẹ́nì mẹ́fà àti Mùsùlùmí méjì tí ń lọ sí àsàláátù, ni yóò máa pín in, tí yóò fi kan olúkúlùkù lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò sí Kírísítẹ́nì tí a yọ kúrò pátápátá, nítorí pé ohun tí ń dunni jù kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi bí kò ṣe pé a rí ẹni tí kì í ṣe é rárá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà ní àyè méjìlá. Àwọn Kírísítẹ́nì mẹ́fà gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì-méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kírun ni a kọ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Nítorí pé ìrun Jímọ̀ lè má tíì parí nígbà tí agogo méjì bá lù, àwọn tí ó wà ní òwúrọ̀ yóò dúró dè é di agogo méjì ààbọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn Mùsùlùmí tí ó wà ní òwúrọ̀ yóò dúró ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan náà de ẹni tí ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sì kọ ọ́ sí inú ìwé, kì í ṣe ojúrere tí ẹnì kan ń ṣe fún ẹnì kejì. Àwọn méjì tí a dá ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi sí ni wọ́n gba ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí obìnrin náà kò lè ṣe. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, mátíróònù kò jẹ́ kí àsìkò kan jẹ́ ti ẹlẹ́sìn kan. Ó dà wọ́n pọ̀, ó sì pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì sí ibùsùn kan náà, nítorí ohun tí a ti sọ nípa Kàdúná.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé iṣẹ́ náà ni ó fa ìlà kan, níbi tí a ti ń ka iye àyè líle tí olúkúlùkù ti ṣe: òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fi í kọ́ sí ara ògiri. Nígbà tí ẹnì kan bá wí pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, a kò ní jiyàn. A ó lọ ka ìlà náà ni.

ÀWỌN ỌJỌ́ ỌDÚN

Ọ̀rọ̀ ọdún ni ó máa ń tú irú ètò báyìí ká. Ọjọ́ Kérésìmesì kì í yí. A mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n oṣù òkè ni àwọn Mùsùlùmí ń kà, ọdún wọn sì fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ti kàlẹ́ńdà wa lọ, tí ó fi jẹ́ pé Ìtúnu Àwẹ̀ àti Iléyá a máa sún síwájú lọ́dọọdún. Ìtúnu Àwẹ̀ tilẹ̀ ń dúró de kí a rí oṣù, a kì í sì í mọ ọjọ́ rẹ̀ dájú títí di alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Olórí tí ó bá kọ ọjọ́ kan ṣoṣo sínú ìwé iṣẹ́ yóò rí i pé ọjọ́ náà ti yẹ̀, ẹni tí ó bá sì pè wá síṣẹ́ lójijì yóò bínú. Ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn ni kí ó kọ, kí ó sì wá ènìyàn tí ó gbà láti dúró ní ọjọ́ yòówù tí ó bá bọ́ sí. Ẹni tí ó bá dúró fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iléyá ni a ó dúró fún ní Kérésìmesì.

Nínú oṣù àwẹ̀, ẹni tí ó gbààwẹ̀ tí ó sì wà ní iṣẹ́ ọ̀sán nílò ogún ìṣẹ́jú láti ṣínu kí ó sì kírun nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Kí ẹnì kejì gba ibùsùn rẹ̀ lọ́wọ́ fún ogún ìṣẹ́jú náà, kí wọ́n sì fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí iṣẹ́ ń yí. Ohun tí ó ń fa àṣìṣe ni kí ènìyàn yọ́ jáde. Kí a má sì gbàgbé àwọn oníṣẹ̀ṣe, nítorí pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti fi ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ṣe ọjọ́ ìsinmi fún wọn. Ẹni tí kò bá sọ ẹ̀sìn rẹ̀ jáde lè wà láàárín wa. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi dára kí a béèrè wákàtí ju kí a béèrè ẹ̀sìn lọ.

Ọ̀RỌ̀ ẸNU

Ohun mẹ́ta ni mátíróònù fi lélẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkínní, ohunkóhun tí ó bá kan aláìsàn, èdè tí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ ni a ó fi sọ ọ́. Bí aláìsàn bá jẹ́ Yorùbá, a lè bá a sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n a ó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ tí kò gbọ́. Ní àkókò oúnjẹ, kí olúkúlùkù sọ èdè ìyá rẹ̀; òfin tí ó bá ka èdè ìbílẹ̀ léèwọ̀ ní gbogbo wákàtí kò ní lè dúró, yóò sì di ìjà tuntun. Bí ẹnì kan bá wọlé tí kò gbọ́ èdè náà, kí a sọ fún un ohun tí a ń sọ, nítorí pé ẹni tí a bá rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́ yóò rò pé òun ni a ń fi rẹ́rìn-ín.

Èkejì, orúkọ tí ẹnì kan bá jẹ́ ni a ó pè é. Kòbòkóbò, Gàmbàrí, kèfèrí, ọmọ ńgbàtí-ńgbàtí, gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí kan ìgbà àwàdà. Ọ̀pọ̀ ni yóò wí pé àwàdà ni, ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí ó dá wà láàárín ọ̀pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dùn mọ́ ọn. Bí a ti ń mọ̀ ni pé kí a wò ó bóyá òun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ àwàdà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí, ó ń fara dà á ni.

Ẹ̀kẹta, àdúrà òwúrọ̀ kúrò láàárín wọ́ọ̀dù, ó bọ́ sí yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ń parí ní agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá kan náà ni a ń lò fún ìrun. Ẹni tí kò bá wá, a kò kọ orúkọ rẹ̀, a kò sì bi í. Àwọn kan kùn nígbà tí a gbé èyí kalẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kò lè dìde jáde bí ó bá fẹ́, a kò sì lè sọ pé ó yàn láti gbọ́.

ÌGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ JU TI MÁTÍRÓÒNÙ LỌ

Ọ̀ràn kan wà tí ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ kò yẹ fún. Bí a bá fi ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà du ẹnì kan ní ìgbéga, tàbí a gé owó rẹ̀, tàbí a fi ìwà ipá halẹ̀ mọ́ ọn, kí a má ṣe ní kí ó gbàgbé nítorí àlàáfíà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn; ìpín 42 sì kọ̀ fún ìjọba láti fi ẹ̀yà, ibi tí a ti wá tàbí ẹ̀sìn ya ọmọ Nàìjíríà kan sọ́tọ̀. Àtúnṣe kẹta tí a ṣe sí ìwé òfin náà ní ọdún 2010 fi ẹjọ́ ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́ sí abẹ́ àṣẹ Ilé Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. Ní ọdún 2002 sì ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn kọkànléláàádọ́fà ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí a ṣe ní ọdún 1958, èyí tí ó tako irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀ràn bá kàn, kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú agogo àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé. Bí ó bá gba ìwé kúèrì, kí ó dáhùn kí ọjọ́ tí a dá tó pé, bí inú tilẹ̀ ń bí i, nítorí pé àìdáhùn a máa di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó dáhùn ohun tí a béèrè nìkan, kí ó má sì sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ẹni tí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ bá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kí ó tó lọ bá agbẹjọ́rò.

BÍ A TI Ń MỌ̀ PÉ Ó TI DÁRA

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mátíróònù tún pe àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè bóyá wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn. Ó wo ohun mẹ́ta. Ó wo bóyá wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn láìwá sọ́dọ̀ òun. Nígbà tí Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì bá ń pààrọ̀ láìsí alárinà, ara ti ń balẹ̀. Ó wo ìwé ìfaṣẹ́léni-lọ́wọ́, bóyá ó kún tàbí ó jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn tí ó ń bínú síra wọn kì í kọ púpọ̀ fún ara wọn. Ó sì wo ibi tí wọ́n jókòó sí nígbà oúnjẹ.

Ní oṣù kìíní, ohun kejì nìkan ni ó ti dára. Pípààrọ̀ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ní ti oúnjẹ, wọ́n ṣì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra. Àwọn aláìsàn ń rí ìtọ́jú gbà ní agogo tí ó yẹ, kò sì sí ẹni tí a ń bú lójú wọn. Ìyókù kò sí lábẹ́ àṣẹ mátíróònù.